Ṣé a bí òye mọ́ ọmọ ni, tàbí títọ́ ló ń fún un? Àpẹẹrẹ àròkọ ìdánwò kan



Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ nígbà ìdánwò. Ìbéèrè náà rèé: «Kí ló ń mú òye ọmọ dàgbà? Ṣé ohun tí a bí mọ́ ọn ni, tàbí títọ́ tí a tọ́ ọ? Gbé ọ̀rọ̀ náà wò.»

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ní ilé púpọ̀, bàbá a wo ọmọ rẹ̀ tí kò tètè mọ ìwé, a ní: «Orí eléyìí ò gba ìwé. Ìyá ẹ̀ náà ò mọ̀wé. Kó máa bọ̀ lóko.» Gbólóhùn kan yìí lè mú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kúrò nílé-ìwé títí láé. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ̀ bóyá òtítọ́ ni.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ìbéèrè náà: «Gbé e wò.» Ẹni tó ń wọn òwú kì í fi ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n. Bákan náà, ẹni tó ń kọ àròkọ yìí kò gbọdọ̀ mú ẹ̀gbẹ́ kan kó tó gbọ́ èkejì. Ohun mẹ́rin ni kó ṣe: kó sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀, kó mú ẹ̀rí tó lágbára jù wá fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sọ ibi tí ẹ̀rí náà mọ, kó tó wá dájọ́.

Àpẹẹrẹ àròkọ náà rèé. Ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Òye ni agbára tí ọmọ fi ń rántí nǹkan, tó fi ń rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe so mọ́ òmíràn, tó sì fi ń wá ọ̀nà nígbà tí ohun tí kò rí rí bá dé bá a. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìdánwò kan wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ní kí ọmọ to igi kéékèèké bí àwòrán kan, kó sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kó wá ohun tó sọnù nínú àwòrán. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí ọmọ tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba 100. Ẹni tó bá gba 115 ti yá ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba 85 ń rìn lẹ́yìn wọn díẹ̀. Ìdánwò yìí kò wọn gbogbo ọgbọ́n. Kò wọn sùúrù, kò wọn ìwà, kò sì wọn mímọ ojú ọjọ́ lóko. Ṣùgbọ́n ó wúlò tí a bá fẹ́ fi àwọn ọmọ ilẹ̀ kan náà wé ara wọn.

«Ohun tí a bí mọ́ ọmọ» ni ohun tó jogún láti ara bàbá àti ìyá ní ọjọ́ tí oyún dúró. «Títọ́» ni gbogbo ohun yòókù: oúnjẹ, àìsàn, ọ̀rọ̀ tí à ń bá a sọ, eré, ilé-ìwé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ohunkóhun tí a bá bá lára ọmọ ní ọjọ́ ìkómọ, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú oyún. Ohun kan wà tí à ń pè ní áyódíìnì, tí wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀. Bí ara ìyá bá ṣaláìní in púpọ̀ nígbà oyún, ọpọlọ ọmọ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Wọ́n á bí ọmọ náà pẹ̀lú àbùkù yìí, síbẹ̀ kò jogún un lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá náà bá jẹ iyọ̀ tó ní áyódíìnì kó tó lóyún ọmọ mìíràn, àbùkù náà kò ní sí lára ìyẹn.

2. Ẹ̀gbẹ́ kìíní: ohun tí a bí mọ́ ọmọ

Àwọn àgbà ní ẹni bíni là á jọ. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá òye náà wà nínú ohun tí à ń jọ? Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì la ti rí ẹ̀rí tó dára jù, ilẹ̀ wa sì kún fún ìbejì. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2011 lórí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, Bẹ̀nẹ̀ ló ní ìbejì jù: bíi 28 nínú ìbímọ 1000.

Oríṣi ìbejì méjì ló wà. Oríṣi kìíní, ẹyin méjì ló wà nínú ìyá, tí ẹyin kọ̀ọ̀kan sì di ọmọ tirẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ ìyá méjì tí a kàn bí lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan lè jẹ́ ọkùnrin, kí èkejì jẹ́ obìnrin. Irú èyí ló pọ̀ jù nínú ìbejì ilẹ̀ wa. Oríṣi kejì, ẹyin kan ṣoṣo ló là sí méjì. Ohun tí a bí mọ́ Táyé náà la bí mọ́ Kẹ́hìndé.

Ẹ jẹ́ ká ronú. Oríṣi méjèèjì ń gbé ilé kan pọ̀, wọ́n ń jẹun nínú ìkòkò kan, wọ́n sì ń lọ sí ilé-ìwé kan. Bó bá jẹ́ títọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí òye ìbejì ẹlẹ́yin méjì jọra tó ti ìbejì ẹlẹ́yin kan. Bí ti ẹlẹ́yin kan bá jọra jù, a jẹ́ pé ohun tí a bí mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní 1981, Thomas Bouchard àti Matthew McGue, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí 111 jọ. Wọ́n wo bí òye àwọn ìbejì ṣe jọra tó. Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n 0 sí 100 sọ ọ́: 0 túmọ̀ sí pé mímọ òye ọ̀kan kò sọ ohunkóhun fún wa nípa èkejì, 100 túmọ̀ sí pé bí a bá ti mọ ti ọ̀kan, a ti mọ ti èkejì. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì gba 60. Ìbejì ẹlẹ́yin kan gba 86. Àwọn ẹlẹ́yin kan tí wọ́n sì tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Wọ́n gba 72. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rí yìí lágbára. Kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé a kì í bí òye mọ́ ọmọ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà ní ibi tó mọ. Àkọ́kọ́, 86 kì í ṣe 100. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilé kan náà, síbẹ̀ ìyàtọ̀ díẹ̀ ṣì wà. Èkejì, àwọn ìbejì tí wọ́n tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wọ̀n wọ́n jù. Ilé méjèèjì ní oúnjẹ, ọmọ méjèèjì lọ sí ilé-ìwé. A kò rí i kí ọ̀kan yó kí ebi máa pa èkejì. Bí ilé bá ti jọra, dandan ni kó jẹ́ ohun tí a bí mọ́ni ni yóò hàn jù.

3. Ẹ̀gbẹ́ kejì: títọ́

Kí la máa rí bí ilé kò bá jọra rárá? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ròmáníà, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1966, Ceaușescu tó ń ṣe olórí ibẹ̀ fi òfin de oyún ṣíṣẹ́, kí ènìyàn lè pọ̀ nílùú. Ọ̀pọ̀ òbí bí ọmọ ju agbára wọn lọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú ní oṣù kejìlá 1989, ọmọ tó wà nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ.

Wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà lóúnjẹ. Wọ́n ní ibùsùn. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnì kan tó jẹ́ tiwọn. Olùtọ́jú kan ló ń bójú tó ọmọ púpọ̀, àwọn olùtọ́jú sì ń pààrọ̀ ara wọn bí aago bá ti lù. Bí ọmọ ké, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i.

Láti 2000, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, ṣe ìwádìí kan ní Bukarẹ́sìtì, olú-ìlú ibẹ̀. Wọ́n mú ọmọ 136 tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nínú àwọn ilé náà. Wọ́n wá ṣẹ́ gègé lórí wọn. Ọmọ 68 bọ́ sí ọwọ́ alágbàtọ́ tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún. Ọmọ 68 yòókù ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí ìdílé kan bá sì wá gba ọmọ nínú wọn, àwọn onímọ̀ náà kò dí i lọ́wọ́. Wọ́n tún mú àwọn ọmọ mìíràn nílùú náà tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣẹ́ gègé? Ìdí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ àwọn alágbàtọ́ ló fọwọ́ ara wọn yan ọmọ, wọn ì bá mú àwọn tí ojú wọn dá. Lẹ́yìn náà, a ò ní mọ̀ bóyá ilé tuntun ló ṣe ọmọ náà lóore, tàbí òye rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Gègé kò mọ ẹni tó gbọ́n. Nítorí náà, ohun tí a bí mọ́ ìsọ̀rí méjèèjì dọ́gba. Ilé nìkan ló yàtọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù 42, wọ́n wọn òye wọn. Àwọn tí gègé fi sílẹ̀ nílé ìtọ́jú gba 77 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ gba 86. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ òbí wọn gba 103.

Wọ́n tún wo ọjọ́ orí tí ọmọ fi dé ọwọ́ alágbàtọ́. Àwọn tó dé ibẹ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 18 gba 94. Àwọn tó dé láàárín oṣù 18 sí 24 gba 89. Àwọn tó dé lẹ́yìn oṣù 24 gba 80 péré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀rí yìí náà ní ibi tó mọ. Ó fi hàn pé ilé tó burú lè pa òye. Kò fi hàn pé ilé tó dára lè sọ gbogbo ọmọ di ọ̀kan náà. Nínú ilé òbí náà, ọmọ kan ṣì yá ju òmíràn lọ.

4. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé

Ìwádìí kẹta yóò jẹ́ ká rí bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. A kò lè ṣe é fún ọmọ ènìyàn. Eku ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ti ya eku sí ìdílé méjì, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń tètè mọ ọ̀nà máa gun ara wọn, kí àwọn tó ń pẹ́ mọ ọ̀nà náà máa gun ara wọn, láti ìran dé ìran. A jẹ́ pé ohun tí a bí mọ́ ìdílé méjèèjì yàtọ̀. Ní 1958, ní Kánádà, R. M. Cooper àti J. P. Zubek mú ọmọ eku láti ìdílé méjèèjì nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́nu ọmú. Wọ́n kó àwọn kan sínú àgò òfìfo tí kò ní ju oúnjẹ àti omi lọ. Wọ́n kó àwọn mìíràn sínú àgò tó kún fún ohun eré: ihò tí wọ́n lè gbà kọjá, dígí, ohun tí wọ́n lè gùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó wọn sínú àpótí tí ọ̀nà inú rẹ̀ wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, wọ́n sì ka iye ìgbà tí eku kọ̀ọ̀kan ṣìnà. Ẹni tó ṣìnà kéré ló gbọ́n jù. Wọ́n fi wé àwọn eku tó dàgbà nínú àgò lásán bí a ṣe ń sìn wọ́n.

Ohun tí wọ́n rí rèé:

Àgò lásán: ìdílé olóye ṣìnà 117, ìdílé aláìlóye ṣìnà 164.

Àgò òfìfo: ìdílé olóye ṣìnà 170, ìdílé aláìlóye náà 170.

Àgò eré: ìdílé olóye ṣìnà 111, ìdílé aláìlóye ṣìnà 120.

Ẹ tún un kà. Nínú àgò lásán, ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ hàn kedere. Nínú àgò òfìfo, kò hàn rárá: ọmọ olóye di bákan náà pẹ̀lú ọmọ aláìlóye. Nínú àgò eré, ọmọ aláìlóye fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èkejì dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Ibi tí wọ́n gbé dàgbà ló sọ bóyá ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò hàn.

Ènìyàn kì í ṣe eku, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2003, Eric Turkheimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ìbejì ọlọ́dún méje ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí ohun tó jọ ọ́. Nínú ilé olówó, ohun tí a bí mọ́ ọmọ ló fa ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ òye wọn. Nínú ilé tálákà, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ní Yúróòpù, àwọn olùwádìí mìíràn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ nítorí pé ọmọ tálákà ibẹ̀ náà ń rí dókítà àti ilé-ìwé bí ọmọ olówó.

5. Ìdájọ́

Bí ẹnì kan bá bi àgbẹ̀ pé: «Irúgbìn ló fún ọ lágbàdo yìí ni, àbí òjò?» àgbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Láìsí irúgbìn, òjò á kàn rọ̀ sórí ilẹ̀ ni. Láìsí òjò, irúgbìn kò ní hù. Bẹ́ẹ̀ ni òye ọmọ. A bí i mọ́ ọn, àmọ́ ohun tí a bí mọ́ ọn kò lè dàgbà fúnra rẹ̀. A kò lè mọ irú òye tí a bí mọ́ ọmọ tí ebi ń pa, tí àìsàn ń ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá sọ̀rọ̀, torí pé nínú àgò òfìfo, eku gbogbo dọ́gba.

*Àròkọ náà parí síbí.*

Àṣìṣe méjì tó wọ́pọ̀

Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí máa ń ṣe àṣìṣe méjì. Ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Àkọ́kọ́, ẹlòmíràn á kọ pé: «Ìdajì òye ọmọ yìí wá láti inú ẹ̀jẹ̀, ìdajì wá láti ilé-ìwé.» Kò sẹ́ni tó lè pín òye ọmọ kan báyẹn. Iye tí àwọn onímọ̀ ń kà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sọ.

Èkejì, ẹlòmíràn á ní: «Bí ìyàtọ̀ òye bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé abúlé tí ọmọ rẹ̀ kì í yege nínú ìdánwò, ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára.» Ẹ bu àgbàdo méjì nínú àpò kan. Ẹ gbin ìkúnwọ́ kan sílẹ̀ ọlọ́ràá, kí ẹ gbin èkejì sílẹ̀ tó ti gbó. Nínú oko kọ̀ọ̀kan, igi tó ga àti igi kúkúrú á wà, irúgbìn ló sì fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí oko kan bá ga ju èkejì lọ, ilẹ̀ ló fà á. Inú àpò kan náà ni irúgbìn wọn ti wá.

Kí a tó sọ pé «orí ẹ̀ ò gbà á»

Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan mẹ́rin lára ọmọ náà. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀: ṣé ó gbọ́? Ẹ fi lẹ́tà hàn án láti ibi tó jìnnà tó pátákó ìkọ̀wé: ṣé ó rí i? Ṣé ó jẹun kó tó lọ sí ilé-ìwé? Ọjọ́ mélòó ni kò lọ lóṣù tó kọjá, nítorí ibà tàbí nítorí iṣẹ́ oko? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá burú, ẹ tún un ṣe ná. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ orí.

Ìbéèrè

1. Ọmọ kan ní àbùkù nítorí pé ara ìyá rẹ̀ kò ní áyódíìnì tó nígbà oyún. Ṣé ó jogún àbùkù náà? Kí ni ìdí èsì yín?

2. Kí ló dé tí a fi ń fi ìbejì ẹlẹ́yin kan wé ìbejì ẹlẹ́yin méjì?

3. Kí ni à bá má mọ̀ ká ní wọn kò ṣẹ́ gègé ní Bukarẹ́sìtì?

4. Nínú àgò wo ni ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò ti hàn? Kí ni ìyẹn kọ́ yín nípa ọmọ abúlé yín?

5. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún sí bàbá tó fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nílé-ìwé nítorí pé ìyá ọmọ náà kò mọ̀wé.